Ilẹ̀kùn Márùn-ún Lórí Sílàìdì

Ẹni tó ń ta páálí ìdì-ọjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ Ọgbà kì í mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ da ìbéèrè bò ó. Ó lè má tíì jókòó tán ní ọ́fíìsì kan lójú Acme Road tí ọ̀gá tó ń bójú tó rírajà yóò ti ní, “Èló ni?” Ẹ̀ńjíníà tó jókòó ti ọ̀gá fẹ́ mọ bí páálí ṣe nípọn tó. Akáńtáǹtì ń retí kí wọ́n sọ iye ọjọ́ tí àwọn lè fi san owó. Bí ọlọ́jà bá wá ń tẹ sílàìdì láti orí èkíní, tó ń ka ìtàn ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, kó tó dé ibi owó, oníkálukú ti ń wo fóònù rẹ̀.

Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ni mo bá lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kékeré lágbègbè ilé-ẹ̀kọ́ ìròyìn NIJ. Sílàìdì mọ́kànlélógójì ni ọkùnrin náà gbé wá, ó sì fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kó lè máa fò lọ síbi tí wọ́n bá ti bi í léèrè. Mo jókòó tì wọ́n láti àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Obìnrin náà ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Ìwé pélébé kan ló mú. “Bọ̀dá, ẹ sọ gbogbo ohun tí wọ́n máa ń bi yín fún mi. Kì í ṣe ohun tí ẹ máa ń fẹ́ sọ o, ohun tí wọ́n máa ń bi yín ni.” Ọkùnrin náà ka á, obìnrin náà ń kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, márùn-ún ló kù: irú páálí tó wà, iye owó, ìdánwò agbára páálí, bí a ṣe ń san owó, ọjọ́ tí ọjà yóò dé. Ọkùnrin náà fẹ́ kí ìtàn ilé-iṣẹ́ jẹ́ àkọ́kọ́. Obìnrin náà rọra gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kò fún un ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọjọ́ náà ti yọrí.

“Ilẹ̀kùn” ni òun fúnra rẹ̀ ń pe àpótí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n máa tẹ̀. Ó ṣí View nínú PowerPoint, ó wọ Slide Master, ó sì ya àpótí márùn-ún eléérú sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ní ìlà kan. Ohun tó bá wà lórí Slide Master máa ń hàn lórí gbogbo sílàìdì, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ló ya á. Ó mú àpótí àkọ́kọ́, ó tẹ Ctrl+K, ó yan Place in This Document, ó sì tọ́ka sí sílàìdì tí ìpín ìbéèrè àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ara àpótí ló fi línkì sí, kò fi í sára ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí línkì bá wà lára ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á yí àwọ̀ padà, á fa ìlà sábẹ́, ẹni tó ń tẹ̀ á sì ní láti fi ẹnu máòsì ba lẹ́tà gan-an.

Oníbàárà tó bá ń fò kiri gbọ́dọ̀ máa rí ibi tí òun wà. Lábẹ́ Slide Master yẹn, obìnrin náà ṣe Layout márùn-ún, ọ̀kan fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Lórí Layout iye owó, ó fi àpótí aláwọ̀ ọsàn bo ilẹ̀kùn iye owó. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn yòókù. Àpótí ọsàn yìí bo línkì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fún òun náà ní línkì tirẹ̀, tí yóò dá ènìyàn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìpín yẹn.

Sílàìdì mẹ́nù gan-an jẹ́ fọ́tò páálí márùn-ún tí wọ́n tò sórí ara wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n lè tẹ páálí inú fọ́tò. Ó ya àpótí bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà sì sọ pé kó yan No Fill kí àpótí má baà hàn. Obìnrin náà mi orí. Àpótí tó jẹ́ No Fill, etí rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ títẹ̀. Inú rẹ̀ dà bí ihò, ẹni tó bá tẹ ibẹ̀ ti tẹ sílàìdì. Ó fún un ní àwọ̀ tó dúró, ó wá fa Transparency dé 100%. Lójú, àwọn méjèèjì ò yàtọ̀. Lábẹ́ ìka, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ò ṣiṣẹ́.

Ohun tó máa ń da irú iṣẹ́ yìí rú ni pé PowerPoint fẹ́ràn láti máa lọ síwájú ni. Ọdún 1987 ló jáde, ọdún kan náà tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé HyperCard tí Bill Atkinson ṣe jáde. HyperCard jẹ́ àkójọ káàdì tó ní bọ́tìnnì, láti inú èyí fò sínú ìyẹn ni wọ́n ṣe dá a. PowerPoint ní tirẹ̀ ń to ìwé tẹ̀lé ìwé. Bí ọwọ́ bá tàsé ilẹ̀kùn tó sì bọ́ sórí àlàfo, sílàìdì tó kàn ló máa gbé wá. Obìnrin náà wọ Transitions, ó yọ àmì kúrò nínú On Mouse Click fún gbogbo wọn. Ọfà orí kíbọ́ọ̀dù ṣì ń ṣiṣẹ́, ó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, torí inú ìpín kan ọlọ́jà ní láti máa tẹ̀ síwájú. Bó bá jẹ́ fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa gbé kalẹ̀ níbi ìpàtẹ ọjà tí kò sẹ́ni tó máa dúró tì í, ó ní Browsed at a kiosk lòun ì bá yàn. Ìyẹn ń ti ọfà pa pẹ̀lú.

Àmọ́ bí ọfà bá dé òpin iye owó ńkọ́? Yóò já sínú ìpín ìdánwò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè ìdánwò. Ọgbọ́n tó dá dùn mọ́ mi: ó fi ẹ̀dà sílàìdì mẹ́nù sí òpin ìpín kọ̀ọ̀kan. Ọfà tó bá kọjá òpin, mẹ́nù ló bá. Nítorí pé ara Layout ni fọ́tò àti ilẹ̀kùn mẹ́nù wà, ẹ̀dà márààrún ń yí padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bó bá tún un ṣe.

Sílàìdì kan ṣoṣo ló ní ọ̀nà mìíràn. Tábìlì bí páálí ṣe nípọn tó wà níbẹ̀, wọ́n sì lè gba inú iye owó tàbí inú ìdánwò wọ ibẹ̀. Bọ́tìnnì tó ń padà sí iye owó yóò ṣi ẹni tó ti inú ìdánwò wá lọ́nà. Ó lọ sí Insert, Action, ó sì yan Last Slide Viewed, kí oníkálukú padà síbi tó ti wá.

Lẹ́yìn náà ló tẹ F5, ó sì ń fi bírò sàmì sórí ìwé rẹ̀: ilẹ̀kùn márùn-ún láti inú ìpín márùn-ún, ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní sílàìdì kẹtàlélógún, ilẹ̀kùn ò sí mọ́. Fọ́tò ẹ̀rọ tó kún ojú ìwé ló bò wọ́n, torí ohun tó wà lórí Slide Master máa ń wà lábẹ́ ohun tí a bá gbé sórí sílàìdì. Ó gé ìsàlẹ̀ fọ́tò náà. Ọkùnrin náà béèrè bóyá títo sílàìdì lọ́nà mìíràn máa ba línkì jẹ́. Ó ní rárá, línkì mọ sílàìdì rẹ̀ bó bá kúrò ní ipò. Kìkì bí wọ́n bá pa sílàìdì náà rẹ́ ni ilẹ̀kùn ò ní já síbì kankan, kò sì ní kígbe fún ẹnikẹ́ni.

“Àǹtí, ẹ bá mi sọ ọ́ di PDF, mo fẹ́ fi ṣọwọ́ lórí Wáásáàpù.” Save As ló gbà. Ó ní bí òun bá gba Microsoft Print to PDF, bí ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ni yóò rí, gbogbo ilẹ̀kùn á ti kú.

Kí ọkùnrin náà tó lọ, mo ṣe bí ẹni fẹ́ rajà. Ó wà lórí tábìlì ìdánwò nígbà tí mo bi í pé èló ni. Ìtẹ̀ kan ló fi dé ibẹ̀.