Àtẹ Tí Ó Ń Fi Wákàtí Mú Kòkòrò

Àtẹ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ojú kádíbóòdù kan lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ wolé-wolé ló fi rúlà àti báírò yà á, kí ó lè fi múra ìdánwò lórí àìsàn tí oúnjẹ ń fà. Òpó mẹ́rin ló ní: orúkọ kòkòrò, iye àkókò tí ó fi ń lúgọ kí àìsàn tó bẹ̀rẹ̀, oúnjẹ tí a sábà máa ń bá a nínú rẹ̀, àti ohun tí ó ń ṣe aláìsàn. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìlera ló ń ya irú rẹ̀. Mo ti rí púpọ̀ nínú wọn, ọ̀pọ̀ ni kò sì yẹ ní wíwò lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ni mo jókòó tì.

Èyí tó pọ̀ jù nínú irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀lé a, b, d. Basílọ́ọ̀sì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bótúlísíìmù nítorí pé lẹ́tà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwà wọn kò jọra rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí pa lẹ́tà tì, wákàtí ló fi to tirẹ̀. Lókè pátápátá ni àwọn tí ó ń kọlu ènìyàn kí a tó fọ abọ́ tán. Nísàlẹ̀ ni àwọn tí ó lè lò ju oṣù kan lọ nínú ara kí wọ́n tó fojú hàn. Ó wá fi báírò pupa fa ìlà nínípọn méjì la àtẹ náà kọjá. Ìlà méjì yẹn ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

Lókè ìlà kìíní, inú oúnjẹ ni kòkòrò ti ṣe májèlé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè kan. Májèlé tí ó ti ṣe tán ni olùjẹ gbé mì. Kò sí ohun tí ó ń dúró dè mọ́, ìdí nìyẹn tí àkókò fi kúrú: ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 6 tàbí 8. Èébì ló ń ṣíwájú. Ibà kì í sábà sí, torí kò sí kòkòrò tí ara ń bá jà. Láàrin ìlà méjèèjì, kòkòrò fúnra rẹ̀ ni a gbé mì láàyè, ó sì di inú ìfun kí ó tó tú májèlé sílẹ̀. Ìyẹn ń gbà tó wákàtí 6 sí 24, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ló sì ń mú wá. Nísàlẹ̀ ìlà kejì ni àwọn tí ó ń wọ ara ìfun lọ, tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bí sí i kí wọ́n tó lágbára. Salimonẹ́là sábà máa ń gba wákàtí 12 sí 36, Kampailobákítà ọjọ́ 2 sí 5. Níbẹ̀ ni ibà ti ń wọlé. Ẹni tí ó bá ti mọ ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní láti há gbogbo òpó kejì sórí mọ́.

Bótúlísíìmù kò fẹ́ gbà fún ètò yìí. Inú oúnjẹ ni májèlé tirẹ̀ náà ti ń wá, pàápàá oúnjẹ inú agolo tàbí ìgò tí a dé pa láìsè é dáadáa, ṣùgbọ́n wákàtí 12 sí 36 ló sábà máa ń gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ì bá sún un sísàlẹ̀ kí àtẹ lè dọ́gba. Òun fi í sílẹ̀ lókè níbi tí ìdí rẹ̀ wà, ó fa ọfà láti ara wákàtí rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọfà náà pé iṣan ọpọlọ ni májèlé yìí ń lọ bá, kì í ṣe inú. Nínú òpó kẹrin, kò kọ èébì sí iwájú. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ ni ojú tí ń rí nǹkan kan ní méjì, ìpéǹpéjú tí ń wálẹ̀, àti ahọ́n tí ń wúwo, kí àìlera tó máa sọ̀kalẹ̀ láti ọrùn lọ sí apá àti ẹsẹ̀.

Òpó kẹta ni mo gbádùn jù. Nínú àtẹ àwọn ẹlòmíràn, ẹ ó bá "ìrẹsì", ẹ ó bá "ẹran", ó parí. Níbí, ohun tí ojú oúnjẹ rí ni ó kọ. Ní ìlà Basílọ́ọ̀sì sírọ́ọ̀sì, ó kọ ọ́ pé: ìrẹsì tí a sè lánàá, tí ó sùn síta, tí a dín láàárọ̀. Gbogbo ìtàn kòkòrò náà wà nínú gbólóhùn yẹn. Kòkòrò yìí lè sọ ara rẹ̀ di hóró eléèpo líle tí omi híhó kò lè pa, hóró yìí sì wọ́pọ̀ lára ìrẹsì tútù. Bí ìrẹsì bá jinná tí ó wà nínú ìkòkò tí kò gbóná tí kò sì tutù, àwọn hóró náà á là, kòkòrò á bí sí i, á sì máa ṣe májèlé sínú ìrẹsì ní òru. Iná àárọ̀ lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò ran májèlé náà. Ìyẹn gan-an ni wọ́n bá pàdé ní ilẹ̀ Bírítéènì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí èébì ń bá àwọn tí ó ra ìrẹsì díndín ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà: ìrẹsì tí wọ́n ti sè sílẹ̀ pọ̀, tí wọn kò gbé sínú fíríìjì nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ra.

Basílọ́ọ̀sì kan náà tún wà láàrin ìlà méjèèjì, níbi tí ó ti ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ní wákàtí 6 sí 15, láti inú ẹran, ẹ̀fọ́ tàbí ọbẹ̀. Májèlé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kòkòrò yìí ní. Ọ̀kan ń jáde nínú oúnjẹ, èkejì ń jáde nínú ìfun. Ìwé sábà máa ń kó méjèèjì sínú àpótí kan, akẹ́kọ̀ọ́ á sì há a sórí bí ẹni tí a ní kó gbé ẹrù méjì lórí kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa pín in sí ìlà méjì, ó sì fi aládùúgbò tí ó jọ ọ́ jù sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ń fa èébì, Kilositirídíọ̀mù pafirínjẹ̀nsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn méjì-méjì wọ̀nyí ni ìdánwò máa ń fi dẹ pańpẹ́.

Ní ti Sitafilokọ́kọ́ọ̀sì, ohun tí ó kọ sí òpó oúnjẹ ni "ohun tí ọwọ́ kàn lẹ́yìn tí ó ti jinná". Imú, awọ ara àti ojú egbò ni ilé kòkòrò yìí. Lóṣù Èrèlé ọdún 1975, ọkọ̀ òfurufú ilẹ̀ Jápáànù kan gbéra láti Tókíyò lọ sí Paríìsì, ó sì gba Alásíkà kọjá, níbi tí ó ti gbé oúnjẹ. Wọ́n pín ẹyin díndín pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún àwọn èrò láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó balẹ̀ sí Kopenhágìnì. Kò pẹ́ sígbà náà tí èébì bẹ̀rẹ̀, àwọn èrò tí ó lé ní 190 ló sì ṣàìsàn. Egbò tí ó ti ń sọyún wà ní ìka ọ̀kan nínú àwọn alásè ní Alásíkà, oúnjẹ náà sì ti jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìtutù tó. Ẹ gbé e lé àtẹ: wákàtí díẹ̀, èébì ní iwájú, ẹran tí ọwọ́ kàn lẹ́yìn sísè. Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọ́ka sí ìlà kan ṣoṣo.

Kì í rọrùn tó bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ jẹ́ ká fi òde ìyàwó kan ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n jẹun ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Ní agogo méjì òru, inú rírun jí àwọn àlejò, ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e; ẹni tí ó bì kò tó nǹkan, ara ẹnikẹ́ni kò gbóná. Zóbò tí wọ́n mu ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ni gbogbo wọn ń dá lẹ́bi, torí ohun tí a fi sẹ́nu kẹ́yìn ni ọkàn máa ń lọ sí. Bí ó bá jẹ́ zóbò, wákàtí 6 ni. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán, wákàtí 12. Bí májèlé tí ó ti wà nínú zóbò tẹ́lẹ̀ ni, èébì ni à bá kọ́kọ́ rí. Wákàtí 12 pẹ̀lú inú rírun láìsí ibà bọ́ sí àárín ìlà méjèèjì, ní ẹnu ọ̀nà pafirínjẹ̀nsì, tí wákàtí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 8 sí 12. Òpó kẹta wá sọ ìbéèrè tí ó yẹ kí wolé-wolé bi alásè: ìgbà wo lẹ se ọbẹ̀ ẹran? Bí ó bá ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, nínú ìkòkò ńlá tí wọ́n dé pa mọ́jú, tí wọ́n kàn mú lọ́wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ ti ń yanjú. Àárín ìkòkò ńlá kì í tètè tutù, níbi tí ooru bá sì wà ní nǹkan bí 43 sí 45 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, kòkòrò yìí lè di ìlọ́po méjì láàrin nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bí ara àwọn àlejò bá gbóná ńkọ́? Wákàtí 12 kan náà wà nínú ìlà Salimonẹ́là. Ìdí nìyẹn tí òpó kẹrin rẹ̀ fi ní ohun tí n kò rí nínú àtẹ mìíràn: ó kọ ohun tí kì í sí. "Kò sí ibà" wà níbẹ̀ gedegbe ní ìlà pafirínjẹ̀nsì. Nígbà tí ó bá sì ń dán ara rẹ̀ wò, kì í bo òpó mẹ́ta kó máa fi orúkọ wá wákàtí, bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. Orúkọ ló ń ká mọ́lẹ̀, torí aláìsàn kì í gbé orúkọ kòkòrò wá bá wolé-wolé. Wákàtí àti inú rírun ló ń gbé wá.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, mo rí àlàfo kan, mo sì sọ fún un. Nọ́rófáírọ́ọ̀sì kò sí lórí àtẹ náà, bẹ́ẹ̀ ó wọ́pọ̀ ju púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ lọ. Èébì òjijì ni àmì rẹ̀, èyí tí ó mú kí ojú sáré lọ sókè àtẹ, ṣùgbọ́n wákàtí 12 sí 48 ni tirẹ̀. Kò sì ṣe májèlé sínú oúnjẹ: ọwọ́ ẹni tí ó ti bì lánàá, tí ó tún wá gé sàláàdì lónìí, ló ń gbé e wọnú abọ́. Ẹni tí kò bá ní ìlà rẹ̀ yóò máa rí èébì, yóò sì máa wá egbò lọ́wọ́ alásè. Ó ní òun mọ̀ ọ́n, pé bakitéríà nìkan ni olùkọ́ ní kí wọ́n kà. Mo ní kó kọ ọ́ sí i síbẹ̀. Nísàlẹ̀ ìlà kejì ló fi í sí, lẹ́yìn Salimonẹ́là, ó sì kọ sínú òpó kẹta rẹ̀: "Ẹ bi alásè bóyá ó bì lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn."