Igbó Irúnmọlẹ̀ àti Obìnrin Kàkò: Títú Kókó Ọ̀rọ̀ àti Àmì nínú Ìtàn Àròsọ

Bí a bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí *Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀*, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, ìdáhùn kan kì í wọ́n: pé ìgboyà ni kókó ọ̀rọ̀ ìwé náà, àti pé igbó inú rẹ̀ jẹ́ àmì ibi. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tíì di ìtúpalẹ̀. Ìgboyà jẹ́ orí ọ̀rọ̀ lásán, gẹ́gẹ́ bí ìfẹ́ tàbí ikú ṣe jẹ́ orí ọ̀rọ̀. Kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tí ìtàn náà sọ nípa ìgboyà: kí ni ó ń ná ẹni tí ó ní in, ta ni ó sì ń jẹ èrè rẹ̀? Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lè gbé e kalẹ̀ ní odidi gbólóhùn tí ẹlòmíràn lè ta kò, kò tíì rí i.

Ibi tí ó yẹ kí ó ti dán gbólóhùn rẹ̀ wò ni ibi tí ìtàn ti fẹ́ já a nírọ́. Nínú ìwé yìí, ọ̀rọ̀ Kàkò, Oníkùmọ̀ Ẹkùn, ni irú ibi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àkàrà-ògùn wá pè é sí ìrìn àjò, ètò ìgbéyàwó Kàkò ti dé ojú ọ̀nà. Obìnrin náà kọ̀, kò fẹ́ kí ó lọ. Ó rọ̀ mọ́ ọn, Kàkò sì pa á. Ìrìn àjò kò torí èyí dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ̀wé pé Fágúnwà ń yin ìgboyà sábà máa ń fo ibí yìí, bí ẹni tí kò rí i. Bí ó bá dúró níbẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ yóò yí padà: ìtàn náà ń béèrè ìgboyà fún ànfààní ìlú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí òǹkàwé rí ẹni tí ìgboyà náà tẹ̀ mọ́lẹ̀. Gbólóhùn kejì yìí ṣeé jiyàn lé lórí, nítorí náà ó wúlò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fágúnwà fẹ́ràn ìwàásù, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwàásù inú ìwé kì í fìgbà gbogbo bá ìṣe àwọn ẹ̀dá ìtàn mu. Ìṣe wọn ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ní ti àmì, àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa pe gbogbo orúkọ tí ó ní ìtumọ̀ ní àmì. Ìmọ̀dòye, tí ó wà lára àwọn tí ó bá Àkàrà-ògùn rìn, ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ohun tí ó dúró fún. Àgbákò náà kò yàtọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ti mọ̀ pé aburú ló ń bọ̀ lọ́nà. Irú àwọn wọ̀nyí kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún òǹkàwé. Àmì, ní ìdà kejì, kì í túmọ̀ ara rẹ̀. Ohun kan tí ó jẹ́ nǹkan gidi nínú ìtàn ni, tí ó ń padà wá, tí ipò tí ó ti ń padà wá sì ń fi ìtumọ̀ kún un.

Igbó náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àkàrà-ògùn wọ̀ ọ́. Nígbà méjì àkọ́kọ́, òun nìkan ló lọ, ìfẹ́ ara rẹ̀ ló tì í, ànfààní tí ó bá rí níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Nígbà kẹta, ọba ló rán an, àwọn akọni mìíràn bá a lọ, igbó kò sì jẹ́ òpin ìrìn mọ́: ọ̀nà Òkè Lángbòdó ló di, níbi tí wọ́n ti lọ wá ohun tí yóò ṣe ìlú wọn lóore. Igbó kan náà ni, àwọn ẹ̀rù inú rẹ̀ kò kúrò. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí ó wọ̀ ọ́ àti ìdí tí ó fi wọ̀ ọ́. Bí igbó bá jẹ́ àmì ibi lásán, báwo ni olùrànlọ́wọ́ ṣe ń bá ọdẹ náà pàdé nínú rẹ̀? Ó sàn kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á sí ibi ìdánwò, níbi tí ohun tí ènìyàn ń wá ti ń hàn síta.

Níbí ni àmì ti bá kókó ọ̀rọ̀ pàdé. Ẹni tí ó bá ti ka igbó bẹ́ẹ̀ yóò ṣàkíyèsí pé obìnrin Kàkò kò dé inú igbó rárá. Ìdánwò Kàkò ti bẹ̀rẹ̀ nílé, kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kan sínú igbó.