Fọ́tò Aṣọ Kan láti Tchaourou

Oníṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní Tchaourou, lójú ọ̀nà Paraku, fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ìyá tó ń já ankara fún un ní ọjà Dantọkpa, ní Kútọnu. Fọ́tò ló kọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ tẹ̀lé e:

«Ẹ kú ọjà, Màmá, a á jèrè o. Aṣọ tí mò ń wá nìyí, nọ́ńbà rẹ̀ wà létí aṣọ. Èló ni odindi, ọ̀pá 12, bí mo bá kó 5? Èló ni bí mo bá kó 10? Mélòó ló kéré jù tí ẹ lè tà fún mi? Ṣé mo lè da àwọ̀ 4 pọ̀ nínú rẹ̀?»

Fọ́tò náà wù mí púpọ̀. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni oníṣọ́ọ̀bù náà ti yà á, nínú òjìji, nítorí iná gílóòbù a máa sọ àwọ̀ aró di dúdú. Ó tẹ́ aṣọ náà gbalaja, ó wá ṣẹ́ igun kan padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn. Ojú méjèèjì ni wọ́n máa ń tẹ ankara gidi. Bí ẹ̀yìn bá ṣí, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lójú kan ni, owó rẹ̀ kò sì tó ti àkọ́kọ́. Etí aṣọ náà hàn kedere, orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà ṣeé kà. Òótọ́ ni pé àwọn tó ń ṣe ayédèrú a máa tẹ orúkọ Vlisco sétí aṣọ tiwọn náà, nítorí náà nọ́ńbà nìkan kò tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí Màmá ṣi bátànì mú.

Ẹ wo «ọ̀pá 12» yẹn. Ní Benin, odindi jẹ́ ọ̀pá 12, ààbọ̀ sì jẹ́ 6. Ọ̀pá 6 yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ oníbàárà láti Nàìjíríà ń pè ní aṣọ kan. Ẹni tó bá béèrè «èló ni ọ̀kan» lè gba iye owó ààbọ̀, kó sì fi ṣe ìṣirò odindi.

Iye méjì tí oníṣọ́ọ̀bù náà béèrè gbọ́n. 5 ni agbára rẹ̀ ká, 10 á sì fi hàn án bóyá ẹ̀dínwó tó wà níbẹ̀ tó ohun tó yẹ kó tìtorí ẹ̀ yáwó.

Ìbéèrè nípa àwọ̀ ló wá ṣiṣẹ́ jù. Màmá dáhùn pé 10 ló kéré jù, ó lè dà wọ́n pọ̀, àmọ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín ní 3. Àwọ̀ 4 á wá di odindi 12, ju owó ọwọ́ rẹ̀ àti èyí tó lè yá lọ. Ó yọ àwọ̀ ewé kúrò, torí kì í tètè tà ní Tchaourou, ó mú aró 4, pupa 3 àti òféèfèé 3. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó máa jókòó sórí pẹpẹ títí ọdún á fi yí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo rò pé ó kù nínú iṣẹ́ náà: kò béèrè ẹni tó máa san owó ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń já ọjà láti òkè lọ́hùn-ún, ẹ fi ìyẹn kún tiyín.