Ìwé Tí Ọ̀gá Mi Fi Sílẹ̀

Ojú ewé mẹ́ta péré ni ìwé ìfiṣẹ́lélọ́wọ́ tí ọ̀gá mi kọ fún mi nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní ẹ̀ka abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo sì ṣì ń kà á. Wọn kò kàn kọ pé fíríìjì kejì bàjẹ́. Wọ́n kọ ọjọ́ tí òtútù rẹ̀ kò ti dúró láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 mọ́, àti pé wọ́n ti yẹ àmì ara ìgò wò kí wọ́n tó kó abẹ́rẹ́ sí fíríìjì kìíní. Lẹ́tà àtúnṣe há sọ́dọ̀ akápò, nítorí ìwé iye owó kan ṣoṣo ló bá a lọ, mẹ́ta sì ni akápò ń béèrè. Iṣẹ́ mi kò wá ju kí n wá méjì sí i.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn ènìyàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà oníṣẹ́ fíríìjì, wọ́n kọ ọ́ pé: "Kì í gbé fóònù kí aago mẹ́wàá tó lù. Ka nọ́ńbà ara ẹ̀rọ fún un kó tó gbéra, kó lè mú ohun èlò tó yẹ wá." Ti ìyálọ́jà ni: "Má fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Lọ kí wọn fúnra rẹ."