Àtúnsọ Nídìí Káńtà Báńkì

Bí ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn bá yọ 20,000 náírà nínú àkáǹtì oníbàárà láìpọ owó jáde, òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí onítọ̀hún fi ìbínú rojọ́ tán, kí ó tó ṣe àtúnsọ, ìyẹn ni fífi ọ̀rọ̀ ara ẹni sọ ohun tí a gbọ́ padà: “Owó oògùn ọmọ yín ni, ẹ sì ti ń retí rẹ̀ láti àná; ṣé bẹ́ẹ̀ ni, mà?” Ìgbà tí ohùn ìyá náà bá wálẹ̀ ló tó kàn láti ṣàlàyé pé báńkì kì í san irú owó bẹ́ẹ̀ ní káńtà, àmọ́ pé ìlànà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2020 fún wọn ní wákàtí 48 láti dá a padà. Ẹwà rẹ̀ ni pé àtúnsọ gba ìbínú náà wọlé láìṣe ìlérí kankan. Bí òfin bá sì ṣáájú rẹ̀, oníbàárà á tún ẹjọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohùn tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.