Òfin “títí láé àti ìgbà díẹ̀” kò lè gbé ser àti estar

Òfin kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìwé ìkọ́ni èdè Sípáníìṣì fún olùbẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò ní bá a nínú rẹ̀. Ó ní: ohun tó bá jẹ́ títí láé, ser ni kí o lò fún un, ohun tó bá jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, estar ni. Òfin yìí rọrùn láti há sórí, ó sì máa ń bá akẹ́kọ̀ọ́ gba máàkì nínú ìdánwò àkọ́kọ́. Àmọ́ kò tọ̀nà. N kò sọ pé àwọn àyàfi kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu o. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni kò dúró. Ohun tó wá ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwa tí a ń sọ Yorùbá ti ní ohun tó sàn jù ú lọ lẹ́nu wa, a kàn gbé e jù sẹ́yìn nítorí pé ìwé tí wọ́n kọ fún ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ Sípáníìṣì.

Ẹ jẹ́ ká dán òfin náà wò. Kí ló wà láyé tó jẹ́ títí láé ju ikú lọ? Bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó ń sọ Sípáníìṣì bá fẹ́ sọ pé ọkùnrin kan ti kú, está muerto ló máa sọ. Ìlú Lisbọ́ọ̀nù kò ní kúrò ní Pọtogí lọ́la, síbẹ̀ Lisboa está en Portugal ni. Ní òdìkejì, kò sí ohun tó ń kọjá kíákíá bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ṣùgbọ́n son las tres ni wọ́n ń sọ, ser sì nìyẹn. Ìgbà èwe kì í pẹ́, es joven ni. Ọdún mẹ́rin péré ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ní yunifásítì, es estudiante náà ni. Òfin tó bá kùnà lórí ikú, lórí ìlú, lórí aago àti lórí ọjọ́ orí, kí ló ṣẹ́kù fún un? Ojú ọjọ́ àti ọbẹ̀ gbígbóná nìkan ni.

Bí ẹ bá wo ibi tí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì ti wá, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìgbà kọ́ ló bí wọn. Estar wá láti ara stare ti èdè Látìn, tí í ṣe “dúró”. Ser ní tirẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀ méjì: esse, tó túmọ̀ sí “jẹ́”, àti sedere, tó túmọ̀ sí “jókòó”. Láyé àtijọ́ ser pàápàá máa ń sọ ibi tí nǹkan wà, kí estar tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdúró, ibùdó, ipò tí nǹkan wà: ohun tí estar gbé wá láti ilé nìyẹn. Ipò yẹn lè jẹ́ ìṣẹ́jú méjì, ó sì lè jẹ́ títí ayé.

Wàyí o, ẹ gbọ́ bí àwa ṣe ń sọ ọ́. Adé jẹ́ dókítà. Dókítà ni Adé. Adé wà nílé. Ṣé ẹ rí ọmọ Yorùbá kankan rí tó sọ pé “Adé jẹ́ nílé”? Kò sí, àní ọmọ ọdún mẹ́ta kò ní ṣe é. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé ẹrù méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fi ń wá òfin kiri. Ní tiwa, ibi tí a bá ti lo jẹ́ tàbí ni láti fi sọ ẹni tí èèyàn jẹ́ tàbí irú ohun tí nǹkan jẹ́, ser ni: Adé es médico. Ibi tí a bá ti lo wà fún ibi tí nǹkan wà, estar ni: Adé está en casa. Ìlú Lisbọ́ọ̀nù wà ní Pọtogí, está. Ìgbà kò bá wa dá sí i rárá.

Ibì kan wà tí wà fúnra rẹ̀ lè ṣi yín lọ́nà, ibẹ̀ náà sì ni ìwé ìkọ́ni ti máa ń sáré kọjá. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ìdánwò. Bí olùkọ́ bá sọ pé el examen es en el aula 5, ohun tó ń sọ ni pé yàrá karùn-ún ni wọn yóò ti ṣe ìdánwò náà. Bí ó bá sọ pé el examen está en el aula 5, ìwé ìdánwò ló ń sọ nípa rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì níbẹ̀, ẹ lọ mú un wá. Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn nìkan ló yàtọ̀. Bákan náà, la comida es en mi casa túmọ̀ sí pé ilé mi la ti máa jẹun. La comida está en la cocina, oúnjẹ wà nínú ilé ìdáná. Nígbà tó jẹ́ pé a máa ń sọ pé “ìgbéyàwó náà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì”, ẹ má fi wà dán èyí wò. Ẹ bi ara yín báyìí: ṣé mo lè sọ pé yóò “wáyé” níbẹ̀? Ṣé ìbéèrè mi ni “níbo ló wà?” àbí “níbo ni wọ́n ti máa ṣe é?” Bí ó bá jẹ́ “wọ́n ti máa ṣe é”, ser ni. Ìgbéyàwó, ìpàdé, òkú ṣíṣe, eré bọ́ọ̀lù, gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ló wà lábẹ́ èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wákàtí méjì péré ni wọ́n máa gbà. Ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, tó ti wà níbẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún, está ni.

Ibi tó le ku ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Níbẹ̀, jẹ́ àti wà kò lè gbà wá, torí pé a kì í sábà lò wọ́n. Ó ga, ó sanra, ó dùn, ó tutù: ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwọn wọ̀nyí lọ́dọ̀ wa, wọn kò nílò ẹni tí yóò gbé wọn. Sípáníìṣì ní tirẹ̀ á ní kí o yan ọ̀kan nínú méjèèjì, es alto àbí está alto. Kí la máa ṣe?

Àbá mi nìyí, mo sì ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa: ẹ wá ti. Kì í ṣe ti onílẹ̀kùn o, ti inú “ó ti dé” ni mò ń wí. Ó ti kú, está muerto. Aṣọ náà ti ya, está rota. Wàrà náà ti bàjẹ́, está mala. Ó ti rẹ̀ mí, estoy cansado. Ó ti gbéyàwó, está casado. Ohun tí ti ń sọ ni pé nǹkan kan ti yí, àbájáde rẹ̀ la sì ń rí báyìí, iṣẹ́ estar gan-an nìyẹn. Ẹ tún ikú wò: kò sí wàhálà kankan nínú está muerto mọ́, nítorí pé òkú ti wà láàyè rí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń sọ irú ohun tí nǹkan jẹ́, tí kò sí ti níbẹ̀, ser ló máa ń jẹ́. Ọmọ yẹn ga láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, es alto. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí kò rí i láti ọdún méjì á kígbe pé: “O mà ti ga o!” ¡Qué alto estás! Ọmọ náà kò ní kúrú padà, bẹ́ẹ̀ ni gíga rẹ̀ kì í ṣe ti ìgbà díẹ̀. Ohun tó wà lójú ìyá àgbà ni bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Mà tó wà nínú igbe yẹn náà wúlò. Bí ẹ bá tọ́ ọbẹ̀ wò tí ẹ sì ní “Ọbẹ̀ yìí mà dùn o!”, está rica ni; ahọ́n yín ló ń jẹ́rìí. Es rica ni ẹ óò sọ bí ẹ bá ń ṣàlàyé irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò tíì jẹ ẹ́ rí.

Èso ápù kan wà tó jẹ́ pé àwọ̀ ewé ló máa ń ní, ì báà pọ́n, ì báà má pọ́n. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín láìṣe àwàdà pé es verde, pero no está verde. Àwọ̀ ewé ni àwọ̀ irú rẹ̀, àmọ́ ó ti pọ́n. Verde pẹ̀lú estar níbí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọ̀ mọ́, “kò tíì pọ́n” ni, ẹ sì rí tíì níbẹ̀, arákùnrin ti.

Ẹ má gbé àbá yìí kọjá ààlà rẹ̀ o. Bí ti bá bá di rìn, tí ọ̀rọ̀-orúkọ sì tẹ̀ lé e, ser ló ń padà wá. Adé ti di dókítà, Adé es médico, ì báà jẹ́ àná ló gbàwé ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ inú dídùn àti àìsàn náà kì í sábà ní ti, estar ló sì máa ń bá está contento àti está enfermo lọ. Feliz nìkan ló máa ń ṣe bó ṣe wù ú: ẹ óò gbọ́ es feliz fún ẹni tí ayé rẹ̀ dùn, ẹ óò sì gbọ́ está feliz fún ẹni tí ìròyìn ayọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Àṣìṣe níbí lè kó ìtìjú báni. Bí gbogbo nǹkan bá sú ẹ, estoy aburrido ni. Bí o bá sọ soy aburrido, o ti fẹnu ara rẹ jẹ́wọ́ pé èèyàn tí ń sú àwọn ẹlòmíì ni ẹ́. Estoy listo, mo ti ṣe tán. Soy listo, olórí pípé ni mí. Ẹ tún ṣọ́ra fún bueno. Bí wọ́n bá bi yín pé báwo ni ara, estoy bien ni ìdáhùn. Está bueno fún oúnjẹ dára, àmọ́ bí ẹ bá sọ ọ́ nípa èèyàn, ẹwà ara tó ń wọni lójú ni ọ̀pọ̀ máa gbọ́, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níwájú àgbà.

Àwọn tó ni èdè náà pàápàá kò fẹnu kò tán. Ní Sípéènì, cuando era pequeño ni wọ́n máa ń sọ fún “nígbà tí mo wà ní kékeré”. Ní Mẹ́síkò, ẹ óò gbọ́ cuando estaba chico lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 1986, onímọ̀ èdè Carmen Silva-Corvalán tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí Sípáníìṣì àwọn ará Mẹ́síkò tó ń gbé ní Lọ́s Áńjẹ́lẹ́ẹ̀sì. Ó fi hàn pé estar ń gba ibi tí ser wà tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, pàápàá lórí ọjọ́ orí, ìtóbi àti ìrísí, àti pé Gẹ̀ẹ́sì tó yí wọn ká ń mú un yára sí i ni, òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, bí ará Mẹ́síkò bá sọ fún yín pé ilé òun está chiquita, ẹ má fi ìwé ìkọ́ni bá a jà.