Ìwé Àtúnyẹ̀wò Lórí Ìrora Àyà: Ẹ̀yà Ara Ni àbí Àkókò?

Bí ẹ bá gba ìwé àtúnyẹ̀wò lórí ìrora àyà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn gbà tò ó. Ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ ló máa ṣáájú, ẹ̀dọ̀fóró á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọ̀nà oúnjẹ, lẹ́yìn náà egungun àti ẹran ara àyà. Jìnnìjìnnì àti ìpayà á wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mi ò bá ètò yìí jà. Bí olùdánwò bá béèrè pé kí ni ó lè fa ìrora àyà, ẹni tó bá ń ka ẹ̀yà ara ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú dé ìta kò ní gbàgbé èyí tó ṣe pàtàkì. Àmọ́ ìdáhùn ìdánwò nìkan ni ètò náà wà fún. Aláìsàn tó di àyà mú wọ yàrá pàjáwìrì kò mọ ẹ̀yà ara tó ń dùn ún, dókítà náà kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ìwé tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀yà ara ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdáhùn kó tó gbọ́ ìbéèrè.

Ara fúnra rẹ̀ ló fa ìṣòro yìí. Àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ti inú ọkàn wá, àti èyí tó ti inú ọ̀nà oúnjẹ àti òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti ọkàn jáde wá, tí àwọn dókítà ń pè ní àọ́tà, agbègbè kan náà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà wọlé. Ọpọlọ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Nítorí náà ni ìrora láti inú ọ̀nà oúnjẹ tó fún pọ̀ ṣe lè jọ ti ọkàn pátápátá. Oògùn tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n láti la òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn lè dẹ àwọn méjèèjì lára. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń kú lọ lọ́wọ́ sì lè mu oògùn ọgbẹ́ inú, kó ní òun gbádùn díẹ̀. Bí mo bá wá rí i nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ pé "ó rọlẹ̀ lẹ́yìn oògùn ọgbẹ́ inú, nítorí náà inú ni", mo máa ń fi bíírò pa á rẹ́. Gbólóhùn yẹn burú ju kí àyè náà ṣófo lọ, nítorí yóò jẹ́ kí wọ́n dá ẹni tó yẹ kí wọ́n dá dúró padà sílé.

Ohun tí mo fọwọ́ sí ni tábìlì tó ní ọ̀nà méjì. Ẹ̀yà ara á wà lókè gẹ́gẹ́ bí orí òpó, àkókò á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìlà. Ìlà mẹ́ta ti tó. Ìlà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìṣẹ́jú: àwọn ohun tó lè pa aláìsàn kí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé. Ìlà kejì jẹ́ ti wákàtí, ìkẹta sì jẹ́ ti ọjọ́. Ìlà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ kà, láti òpó kan dé òpó kejì, kí ojú tó sọ̀ kalẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tó dí pátápátá máa wà, àti àọ́tà tó ya nínú, àti omi tàbí ẹ̀jẹ̀ tó fún ọkàn pa nínú àpò rẹ̀, àti afẹ́fẹ́ tó há sínú àyà tó sì ń ti ọkàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ẹ̀jẹ̀ dídì ńlá nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀nà oúnjẹ tó fàya lẹ́yìn èébì líle, èyí tí Herman Boerhaave ṣàpèjúwe ní Leiden ní ọdún 1724, lè bọ́ sí ìlà kejì, àmọ́ nítòsí ìlà àkọ́kọ́ ni kí ó wà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tábìlì ti ń ṣàṣìṣe nìyí: wọ́n gbà pé àìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró tí ìfúnpá aláìsàn ṣì dúró ṣinṣin jẹ́ ọ̀rọ̀ wákàtí. Dókítà á ṣírò bí ó ṣe ṣeé ṣe tó, á wo ẹ̀jẹ̀, á sì ya àwòrán. Bí ìfúnpá bá já wálẹ̀, àìsàn kan náà ti gòkè sí ìlà ìṣẹ́jú. Òtútù àyà náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ipò aláìsàn ló ń pinnu ìlà: ìfúnpá rẹ̀, èémí rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀, bí ó ṣe ń dáhùn ọ̀rọ̀. Ẹ kọ àìsàn náà síbi méjì láìtijú.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan dán tábìlì náà wò. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti pa oògùn rẹ̀ tì. Ìrora gbá a láyà lójijì, ó le jù lọ ní ìṣẹ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ó dà bí ẹni pé nǹkan ń fà ya, ó sì ti ń lọ sí àárín ejìká lẹ́yìn. Wọ́n ya àwòrán ìlù ọkàn rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10 tó wọlé, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe yẹ. Ìlà inú àwòrán náà gbé sókè ní II, III àti aVF, èyí tó ń sọ pé apá ìsàlẹ̀ ọkàn kò rí ẹ̀jẹ̀ gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lo ìwé tó tẹ̀ lé ẹ̀yà ara yóò rìn tààrà: òpó ọkàn ni, òpó ẹ̀jẹ̀ ló dí, kí wọ́n fún un ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Nínú òpó kan náà, nísàlẹ̀ díẹ̀, ni wọ́n kọ àọ́tà tó ya sí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò débẹ̀ mọ́. Ó ti rí ohun tó ń wá.

Ẹni tó kọ́kọ́ ka gbogbo ìlà ìṣẹ́jú kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó fọwọ́ kan oògùn, yóò wọn ìfúnpá lápá méjèèjì. Apá ọ̀tún jẹ́ 178/96, apá òsì jẹ́ 142/84. Ìyàtọ̀ tó ju 20 lọ nínú nọ́ńbà òkè yẹ kó ta á lólobó. Yóò tẹ́tí sí ọkàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń padà sínú rẹ̀ láti inú àọ́tà. Bí ẹ̀kísíréè àyà bá fi hàn pé àárín àyà fẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ ti pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n bí kò bá fẹ̀, ìyẹn kò dá àọ́tà láre. Àwòrán síí-tíì tí wọ́n fi oògùn aláwọ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ yà ló máa pinnu. Ó ṣẹlẹ̀ pé yíya náà ti dé ẹnu òpó ẹ̀jẹ̀ ọ̀tún tó ń bọ́ ọkàn, òun ló dí i. Àwòrán ìlù ọkàn kò purọ́, ọkàn ń jìyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n orísun ìyà náà wà lókè. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì nínú irú ọkùnrin yìí lè jẹ́ ohun tó pa á. Ohun tó nílò ni kí wọ́n dẹ ìlù ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n rẹ ìfúnpá rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n pe oníṣẹ́ abẹ. Yíya tó bá wà ní apá àọ́tà tó sún mọ́ ọkàn ni wọ́n máa ń sọ pé ó ń pa bí ẹni 1 sí 2 nínú 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ bí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀.

Látinú èyí ni mo ṣe ń sọ pé gbogbo àyè nínú ìlà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ní ohun mẹ́ta, kò sì nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ: àmì kan tó ń yà á sọ́tọ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọwọ́ máa ṣe, àti ohun tó máa pa aláìsàn bí a bá ṣì í mú. Ẹ̀kẹta yìí ni kì í sí nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Mo tún fẹ́ kí ọfà wà nínú tábìlì náà, láti so àìsàn kan mọ́ èyí tó lè fà. Nígbà tí Ọba George Kejì ti ilẹ̀ Bírítéènì kú ní 1760, dókítà tó la òkú rẹ̀ wò, Frank Nicholls, rí i pé àpò tó yí ọkàn ká kún fún ẹ̀jẹ̀ dídì, àọ́tà náà sì ya nínú. Tábìlì tó fi àọ́tà sí àyè kan, tó fi ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ fún pa sí àyè mìíràn, láìsí ọfà láàárín wọn, kò lè ṣàlàyé òkú yẹn.

Àléébù mìíràn jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Ìwé tí wọ́n dà kọ láti inú àwọn ìwé òyìnbó kì í sábà ní àyè fún àìsàn àyà òjijì tó máa ń kọlu àwọn tó ní fòníkúfọ̀ladìde, tàbí kó fi í sí ẹsẹ̀ ìwé. Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, òkè ni àyè rẹ̀. Ohun tó fi ń tan èèyàn jẹ ni pé aláìsàn lè wọlé nítorí ìrora egungun lásán, kí ẹ̀kísíréè àkọ́kọ́ mọ́ tónítóní, kí àyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta pẹ̀lú ibà tàbí èémí tó ń ṣòro, kí àbàwọ́n tuntun sì hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú àyè rẹ̀ ni kí wọ́n kọ pé "tún ẹ̀kísíréè yà", àti pé omi púpọ̀ látinú dírípù lè ba ẹ̀dọ̀fóró náà jẹ́ sí i.

Àwọn ohun kéékèèké wà tí mo lè fojú fò. Síbẹ̀ S1Q3T3 tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró ń bí mi nínú díẹ̀. Púpọ̀ aláìsàn náà kò ní in, ọkàn tó ń lù kíákíá ló wọ́pọ̀ jù. Bákan náà ni abẹ́rẹ́ fún afẹ́fẹ́ tó há. Láti 2018 ni ìlànà ATLS ti sọ pé, bí aláìsàn bá jẹ́ àgbàlagbà, kí wọ́n gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà, ní àyè kẹrin tàbí ìkarùn-ún láàárín egungun ìhà, àmọ́ àyè kejì níwájú ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń dà kọ. Ẹ̀kísíréè kò sì ní àyè níbẹ̀ rárá: ojú, etí àti ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n.

Ìlà ìsàlẹ̀, ti ẹran ara àti ìpayà, ló ń fa àríyànjiyàn jù. Ohun tó wọ́pọ̀ jù níbi tí dókítà ìdílé ti ń rí aláìsàn ni egungun àti ẹran àyà, nítorí náà wọn kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n àyà tó ń dùn bí a bá tẹ̀ ẹ́ ń dín ìfura pé ọkàn ni kù ni, kò mú un kúrò. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ìlà yẹn, kí ó ti gba ìlà àkọ́kọ́ kọjá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fún ẹlòmíràn ní ìwé yín, kí ó ka aláìsàn ẹni ọdún 58 yẹn fún yín láìdárúkọ ẹ̀yà ara kankan. Bí ìka yín bá dé orí oògùn kó tó dé orí ìfúnpá apá méjèèjì, ẹ fà á ya, kí ẹ tún un tò.